Àáró Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà

"Ta ló máa mú àárín?"

Wándé ló béèrè. Ó dúró níwájú pátákó ilé-kéú pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́. Ó ti fa ìlà méjì láti òkè pátákó dé ìsàlẹ̀, pátákó sì ti pín sí mẹ́ta. Lókè apá òsì ó kọ Orísun, lókè apá ọ̀tún ó kọ Agbára, ó sì kọ Ẹ̀bi sí àárín. Humairah ń wo ilẹ̀. Ishaq ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n tí kò tíì kún dáadáa.

Nígbà tó ṣe, Wándé kọ orúkọ Ishaq sábẹ́ Ẹ̀bi. Ishaq kò ní òun gbà, kò sì ní òun kọ̀. Ó kàn wo orúkọ rẹ̀ lára pátákó bí ẹni tó rí i pé wọ́n ti fi òun joyè nígbà tí òun kò sí nílé.

Ìdánwò òfin àgbáyé ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Fún Wándé àti Ishaq, ọ̀kan péré ni láàárín ọ̀pọ̀ ìdánwò tí wọ́n fẹ́ ṣe ní ọdún àṣekágbá. Fún Humairah, òun nìkan ló kù. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí wọ́n jọ wọ yunifásítì ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn amòfin, àwọn kan nínú wọn sì ti ń dúró níwájú adájọ́. Wọ́n ti sọ fún un ní ẹ̀ka wọn pé ọdún tí yunifásítì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi parí ẹ̀kọ́ òfin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán fún òun. Bó bá yege, ó gba oyè. Bí kò bá yege, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kò sì ní í lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ka ìwé òfin kí wọ́n má bi í pé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ dà.

Ní Ìrókò, ìlú wọn, Lọ́yà ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọ yunifásítì. "Lọ́yà, ṣé dáadáa la jí?" "Lọ́yà, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí o." Àwọn ọlọ́kadà ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá arúgbó tí kò mọ orúkọ rẹ̀ gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀. Ṣítù, bàbá rẹ̀, tó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ní ọ̀nà odò, a máa rẹ́rìn-ín nígbà kan bó bá gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó wá di pé bí wọ́n bá ti pè é ní Lọ́yà, bàbá á wúkọ́, á sì bá wọn sọ̀rọ̀ òjò.

Bàbá yìí ló mú ọ̀rọ̀ àáró wá. Ní ọjọ́ kan tí Humairah jókòó ti ìwé láti àárọ̀ di ọ̀sán tí kò ṣí ojú ewé kan, bàbá ní kí ló dé tó ń fi ẹnì kan ṣoṣo ro oko ẹni mẹ́ta. Ó ní nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́, àáró ni àwọn fi ń ro oko. Lónìí gbogbo ọkọ́ á lọ sí oko tèmi, lọ́túnla gbogbo rẹ̀ á lọ sí tìrẹ. Oko tí ì bá pa ènìyàn kan, ọkùnrin mẹ́ta á ti jẹ ẹ́ tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Ó lọ bá Alfa, ó tọrọ ilé-kéú fún un ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, títí di ìgbà tí àwọn ọmọ kéú á dé lẹ́yìn ìrun Àsárì. Humairah fi fóònù pe Wándé ní Adegbayi àti Ishaq ní Ṣáṣá. Àwọn méjèèjì kéré sí i, Àǹtí Humairah ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n àwọn nìkan ni wọ́n máa ń bá a jókòó ní kíláàsì.

Wándé ló ṣètò rẹ̀. Ó fẹ́ràn kí nǹkan dúró sí àyè rẹ̀. Bí ó bá ń jẹun, ó máa ń ya ẹran sọ́tọ̀ kúrò lára ẹja. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti Orísun, níbi tí òfin àgbáyé ti ń wá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì kà á fún gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti Ẹ̀bi, ìyẹn ìgbà tí orílẹ̀-èdè kan máa jẹ̀bi ohun tí ẹnì kan ṣe. Ishaq ló ni ín. Ọ̀sẹ̀ méjì ìkẹyìn jẹ́ ti Agbára, ìgbà tí orílẹ̀-èdè lè gbé ohun ìjà sókè àti ìgbà tí kò lè gbé e. Ti Humairah nìyẹn. Ẹni tó bá ni apá kan ni yóò kà á délẹ̀, yóò sì kọ́ àwọn yòókù bí ẹni tí ń fi oúnjẹ tó ti jinná síwájú àlejò.

Gbogbo ẹjọ́ ni Wándé fún ní ilé. "Ẹjọ́ kan, ilé kan," ó wí. "Bí ẹjọ́ bá ń kiri, orí ènìyàn á dàrú." Ẹjọ́ Òkun Àríwá, tí Jámánì bá Dẹ́ńmáàkì àti Họ́láǹdì ṣe, lọ sí Orísun. Ẹjọ́ tí Nikarágúà pe Amẹ́ríkà lọ sí Agbára, nítorí náà odindi ìdájọ́ náà, ẹ̀dà tí wọ́n ṣe ní ẹ̀yìn gbàgede yunifásítì, bọ́ sọ́wọ́ Humairah. Wándé sàmì sí ibi tí ọ̀rọ̀ agbára ti bẹ̀rẹ̀, Humairah sì ṣẹ́ ìwé náà po níbẹ̀ kó lè máa ṣí i tààrà.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dùn. Wándé mọ ohun tó ń ṣe. Ó mú wọn gba inú abala kejìdínlógójì nínú òfin tó dá Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé sílẹ̀: àdéhùn, àṣà, àti àwọn ìlànà òfin tí gbogbo ìlú tó lajú jọ ní, lẹ́yìn náà ìdájọ́ ilé ẹjọ́ àti ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀, tí àwọn yẹn kàn ń ranni lọ́wọ́ láti mọ òfin. Nígbà tó dé orí àṣà, ó ní kì í ṣe kí àwọn orílẹ̀-èdè máa ṣe nǹkan lásán. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣe é nítorí pé wọ́n gbà pé òfin ló ní kí àwọn ṣe é.

"Ó yé mi," Ishaq wí. "Gbogbo ilé wa ló ń jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀ láti ìgbà bàbá bàbá mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ búrẹ́dì, kò sẹ́ni tó lè pè mí lẹ́jọ́."

"Ìyá ẹ lè pè ọ́," Humairah wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Humairah rántí ẹ̀rín náà lẹ́yìn ìgbà náà, nítorí pé òun ni ìkẹyìn.

Ní Àbámẹ́ta kẹta, Ishaq kò wá. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ara ìyá àgbà kò yá. Láàárín ọ̀sẹ̀, fóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e. Nígbà tó wá di pé kò dún mọ́, Humairah wọ ọkọ̀ mícrà lọ sí Ṣáṣá. Ó bá a níbi tí wọ́n ti ń já àlùbọ́sà sílẹ̀ lórí ọkọ̀ àjàgbé, ó ń ka àpò pẹ̀lú ẹnu, aṣọ rẹ̀ ti pọ́n fún eruku. Bàbá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tó rí Humairah, ó dá kíkà dúró, ẹni tó ru àpò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú u pé ó ti da iye rú mọ́ òun lọ́wọ́.

Ó fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kò purọ́ fún un. Ó ní ara ìyá àgbà le koko, òun kàn ń tẹ̀ lé ọkọ̀ lọ sí òkè ọya láti ọ̀sẹ̀ kejì ni, nítorí pé bàbá òun kò rí ẹlòmíràn tó fọkàn tán. Òun kò tíì ṣí ìwé Ẹ̀bi rárá.

"Àǹtí mi, ẹ máà bínú. Mi ò ní í ṣe ti ọdún yìí. Ọdún tó ń bọ̀ ni tèmi."

"Ishaq," Humairah wí, "èmi ò ní ọdún tó ń bọ̀."

Ishaq bọ́ sẹ́yìn, ó sì kó àlùbọ́sà sínú ọ̀rá kan fún un láti mú lọ fún ìyá rẹ̀. Humairah gbà á. Nínú mícrà tó gbé e padà, òórùn àlùbọ́sà náà gba gbogbo ọkọ̀ kan, obìnrin kan tó jókòó tì í sì ń bi í ní iye tó rà á.

Ní ilé-kéú, àárín pátákó ṣófo. Àwọn ọmọ Alfa rí i pé kò sẹ́ni tó ń lo ibẹ̀, wọ́n sì ti kọ álífù, bá, tá, títí dé ìsàlẹ̀, sí abẹ́ orúkọ Ishaq. Wándé gbé tìmùtìmù ìnupátákó, ó wò ó, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó ní kí àwọn méjèèjì pín ti Ishaq. Òun mú ìdí tí orílẹ̀-èdè fi lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi, bíi kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ pé agbára tó ju tẹni lọ ló fà á. Òun náà mú ohun tí ẹlẹ́ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́yìn náà, kó dá nǹkan padà sí bó ti wà, kó san owó ohun tó bàjẹ́, kó tọrọ àforíjì. Humairah mú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: báwo la ṣe ń ka ìwà ẹnì kan sí orílẹ̀-èdè lọ́rùn?

Ibẹ̀ gan-an ni egbò rẹ̀ wà. Lẹ́yìn tó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì, ó lọ rí olùkọ́ wọn, Dókítà Gbọ́njúbọ́lá, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè. Olùkọ́ náà ṣí ìwé ìdáhùn rẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìbéèrè kìíní ni, èyí tó jẹ́ túláàsì fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Orílẹ̀-èdè kan fún àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní ìbọn. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ jó ìlú kan nínú orílẹ̀-èdè kejì. Orílẹ̀-èdè kẹta wá ju bọ́ǹbù sí ti àkọ́kọ́, ó ní òun ń ran ti kejì lọ́wọ́. Humairah ti kọ̀wé lé ìgbèjà ara ẹni lórí, ojú ewé mẹ́rin, ó sì dáa. Olùkọ́ náà fi ìka tọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé ìwà àwọn ọlọ̀tẹ̀ yẹn ni ìwà ìjọba?"

Olùkọ́ náà ní òun kò lè fi máàkì sí orí òrùlé tí kò ní ògiri.

Nítorí náà ó mọ ohun tó ń wá. Ó wa àwọn abala òfin lórí ẹ̀bi orílẹ̀-èdè jáde láti orí fóònù, èyí tí ìgbìmọ̀ amòfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ. Ó kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó kà á níbi tí ìyá rẹ̀, Mùjíbátù, ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ó mọ̀ ọ́n sórí. Ohun méjì ló ń sọ orílẹ̀-èdè di ẹlẹ́bi: kí ìwà náà jẹ́ tirẹ̀, kí ìwà náà sì rú òfin tó dè é. Ìwà sójà àti ọlọ́pàá jẹ́ ti ìjọba, kódà bí wọ́n bá kọjá àṣẹ tí wọ́n gbà. Ìwà ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba lè jẹ́ ti ìjọba bí ìjọba bá pàṣẹ fún un, tàbí bó bá ń darí rẹ̀, tàbí bó bá kápá rẹ̀. Abala kẹjọ ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ìkápá tó tó báwo? Ṣé ìbọn tó? Ṣé ìbọn àti owó? Ṣé ìbọn, owó àti ẹni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yìn ín? Abala náà kò sọ. Bó bá ti dé ibẹ̀, ó máa ń dà bí ẹni tó dé etí odò, tó rí ọ̀nà ní òdìkejì, tí afárá kò sí.

Wándé fún un ní ìbéèrè ọdún àtijọ́ láti fi dán ara rẹ̀ wò. Ó jókòó lórí ẹní àwọn ọmọ kéú, ó kọ ọ́. Wándé kà á, kò sì wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Ó ní Humairah tún ti fò ó. Ó ní ó sọ pé ìjọba náà kápá wọn, kò sì sọ bó ṣe mọ̀. Humairah bi í pé ìwọ ńkọ́, kí lo máa kọ? Wándé ní òun náà á fò ó, ṣùgbọ́n òun ní máàkì níbòmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ètò náà ń lọ nítorí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ Agbára dé. Humairah dúró níwájú Wándé nìkan, ó sì kọ́ ọ dáadáa. Ó ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka lílo agbára léèwọ̀ ní abala kejì ìwé àdéhùn rẹ̀, ó sì fi àyè ìgbèjà sílẹ̀ ní abala kọkànléláàádọ́ta bí ìkọlù ológun bá wáyé. Ó ní ìgbèjà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀ranyàn, kó má sì ju ohun tó fà á lọ. Ó ní ẹni tó fẹ́ gbèjà ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dúró kí onítọ̀hún ké sí i. Ó ṣí ẹjọ́ Nikarágúà níbi tó ṣẹ́ ẹ po sí, ó fi hàn án níbi tí ilé ẹjọ́ ti sọ pé kí ìjọba fún ọlọ̀tẹ̀ ní ohun ìjà nìkan kò tíì tó ìkọlù ológun. Wándé ń mi orí. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé apá tó ń tàn yìí ni apá tó tàn nígbà tó fìdí rẹmi.

Wándé dábàá pé kó fi ìbéèrè kìíní sílẹ̀. Humairah rán an létí pé túláàsì ni. Wándé ní bẹ́ẹ̀ ni, òun gbàgbé.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan Humairah gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé. Ọkùnrin náà béèrè pé ìgbà wo ni Lọ́yà máa kúrò nílé lọ sí Èkó. Bàbá ní fùfú ìyá rẹ̀ ti ń tà gan-an báyìí, iṣẹ́ náà ti ju ẹnì kan lọ, bóyá ọmọ á dúró tì í. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ wò kó tó jókòó. Humairah padà sínú yàrá. Kò sunkún. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì rí i pé òun náà ti ń ronú nípa fùfú láti bí ọjọ́ mélòó kan, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ẹ, ibi tí wọ́n ti lè rí ọ̀rá tó mọ́ fi dì í.

Ní òwúrọ̀ ìdánwò, ìyá rẹ̀ ṣe àdúà fún un lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fẹ́ atẹ́gùn àdúà náà sí i lórí. Bàbá ti lọ sí oko kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ibùdókọ̀, mícrà tó ń lọ sí Mọ́níyà kò tíì kún. Humairah wọ ẹ̀yìn, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n ata kí i pé, "Lọ́yà, Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i," ó sì dáhùn pé àmín. Awakọ̀ ń pe èrò.

Ó yọ ẹjọ́ Nikarágúà jáde. Ojú ewé tirẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀, níbi tó ti pọ́n nítorí ìka. Ó mọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Bó ti wò ó, kò lè kà á mọ́. Kò sì sí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè fi wo títí ọkọ̀ á fi kún. Ó tú ibi tó ti ṣẹ́ ìwé náà po, ó ṣí i sẹ́yìn, sí àwọn ojú ewé tí kì í ṣe ti Agbára, tí kò tíì fọwọ́ kàn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó ń ṣí i bí ènìyàn ṣe ń ṣí kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá.

Ojú ewé díẹ̀ ṣáájú tirẹ̀, ilé ẹjọ́ ń sọ̀rọ̀ àṣà. Wọn kò lè fi àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìdájọ́ nítorí àyè kan tí Amẹ́ríkà ti yọ sílẹ̀ nígbà tó gba àṣẹ ilé ẹjọ́ náà, wọ́n wá ń béèrè bóyá òfin kan náà wà nínú àṣà. Orísun. Ó dúró. Ó tún ṣí i sẹ́yìn.

Àwọn ọlọ̀tẹ̀ wà níbẹ̀. Amẹ́ríkà ló ń fún wọn lówó, òun ló kọ́ wọn ní ogun jíjà, òun ló fún wọn ní ohun ìjà, ó tún ń bá wọn yan ibi tí wọ́n máa kọlù. Ilé ẹjọ́ wá béèrè, nínú èdè tó rọrùn, bóyá ohun tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà ṣe jẹ́ ohun tí Amẹ́ríkà ṣe. Ìbéèrè Dókítà Gbọ́njúbọ́lá gan-an nìyẹn. Humairah fi ìka sí ìpínrọ̀ kárùndínlọ́gọ́fà. Gbogbo ìrànlọ́wọ́ yẹn, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò tó. A gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìjọba náà gan-an ló kápá iṣẹ́ ogun tí wọ́n ti dá ẹ̀ṣẹ̀ náà, kí a tó lè ka ẹ̀ṣẹ̀ náà sí i lọ́rùn. Ohun tí ìjọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ìbọn tó fún wọn àti ogun tó kọ́ wọn, ìyẹn ni yóò dáhùn fún.

Awakọ̀ ní kí àwọn tó wà lẹ́yìn sún mọ́ra, ó ti kún. Humairah sún láìgbé ojú sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.